Àpò Omi Mélòó Ni Ká Gbé Lọ́sẹ̀ Tó Ń Bọ̀?

Ẹni tó bá ní dípò omi inú ọ̀rá mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tí kò ṣeé sá fún bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí: àpò mélòó ni kóun ní kí ilé iṣẹ́ omi já sílẹ̀ fóun lọ́sẹ̀ tuntun? Bó bá gbé púpọ̀ jù, èyí tó kù á wà níta tí oòrùn á máa pa á, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi á sì máa rùn bí ọ̀rá lẹ́nu. Bó bá gbé kéré jù, oníbàárà á sọdá títì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì, àwọn kan ò sì ní padà mọ́. Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú ojú oníṣòwò, nítorí ó máa ń rí ohun tí ìwé kì í rí. Àmọ́ ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọjà tí wọ́n tà sílẹ̀ náà ní ohun tó lè sọ, bí èèyàn bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè, tó sì mọ ibi tí ìwé náà ti máa ń purọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú dípò kan n'Ìbàdàn. Èmi ni mo ṣètò iye tí mo fẹ́ lò, kí ìṣirò lè rọrùn láti tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ta omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí i pé mi ò jìnnà sóótọ́. Ọ̀rá ogún ló wà nínú àpò kan. Ìwé Àlàájà tó ni dípò náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ sì mú 410, 390, 420 àti 380 wá. Bí ooru ṣe wọlé ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: 430, 450, 500, 540. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ṣàdédé já wálẹ̀ sí 310. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá fò sókè padà, ó di 560.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fojú dá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ká ro ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn pọ̀, ká pín in sí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ 1600 lápapọ̀, nítorí náà àfojúdá ọ̀sẹ̀ karùn-ún jẹ́ 400. Àlàájà ta 430. Nígbà tó bá kan ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ó yọ 410 tó ti dàgbà jù kúrò, a ó fi 430 rọ́pò rẹ̀, ìpíndọ́gba tuntun á sì di 405. Báyìí ni ìpíndọ́gba náà á ṣe máa rìn tẹ̀ lé ọjà, tí ọ̀sẹ̀ tuntun ń wọlé, tí èyí tó pẹ́ jù ń jáde. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kan tí ayẹyẹ ìgbéyàwó méjì bọ́ sí àdúgbò kò lè da orí gbogbo ìṣirò rú, torí pé ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ní níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ooru dé. Àfojúdá ọ̀sẹ̀ keje jẹ́ 420, ọjà sì jẹ́ 500. Àfojúdá ọ̀sẹ̀ kẹjọ jẹ́ 440, ọjà sì jẹ́ 540. Ọgọ́rùn-ún àpò ló fi dín! Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣi ìṣirò. Ọ̀sẹ̀ tó kángun sí èyí tí à ń fojú dá ti lo ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó jìnnà jù ti lo mẹ́rin. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọ̀rọ̀ tí ìpíndọ́gba náà ń sọ ti pé ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀. Ọjà tó bá ń fi nǹkan bí 40 àpò gòkè lọ́sẹ̀ kan á fi nǹkan bí 100 ṣíwájú ìpíndọ́gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè gbọ́ ìròyìn lè lo ọ̀sẹ̀ méjì dípò mẹ́rin, àmọ́ ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ méjì á máa ta gìrì sí gbogbo ariwo tí kò nítumọ̀. Kò sí iye ọ̀sẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ pàṣípààrọ̀ yìí.

Ọ̀nà kejì kò da ọ̀sẹ̀ tó ti dàgbà nù lójijì. Ńṣe ló ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robert Brown ló kọ́kọ́ lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tó ń bá iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá ni wọ́n ń wá. Ìròyìn ibi tó wà ń wọlé ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, òmíràn pé, òmíràn ò pé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ náà máa dé kí wọ́n tó ju àdó olóró sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní àwọn ọdún 1950, Brown mú ìṣirò kan náà lọ sídìí àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ogun ń kó pa mọ́ sílé ẹrù, torí pé ìbéèrè náà ò yàtọ̀: mélòó ni wọ́n máa béèrè lóṣù tó ń bọ̀? Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1959.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Mú àfojúdá tó o ní tẹ́lẹ̀. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mú apá kan nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, kó o fi tún àfojúdá náà ṣe. Apá tí wọ́n ń mú yẹn ni wọ́n ń pè ní álífà, nọ́ńbà kan tó wà láàárín òdo sí ọ̀kan. Ká ní álífà Àlàájà jẹ́ ìdajì, tí a sì fi 400 bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ó ta 430, ọgbọ̀n ni ìyàtọ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 15, àfojúdá ọ̀sẹ̀ kẹfà wá di 415. Ó ta 450, ìyàtọ̀ jẹ́ 35, a fi ìdajì rẹ̀ kún un, ọ̀sẹ̀ keje sì di nǹkan bí 433. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé Àlàájà ò nílò láti ṣí ojú ìwé kankan sẹ́yìn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń gbé láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ohun gbogbo tó ti ṣẹlẹ̀ rí sì wà nínú rẹ̀: ìdajì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdá mẹ́rin jẹ́ ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìdá mẹ́jọ jẹ́ ti èyí tó tún ṣáájú ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì wọ́pọ̀, tí ilé ẹrù kan sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọjà, ẹ lè rí ìdí tí wọ́n fi yára gbà á.

Bí álífà bá tóbi, àfojúdá á máa tètè gbọ́ ìròyìn. Bó bá kéré, á ní sùúrù. Ẹni tó bá fi 0.3 ṣe é dípò 0.5 á bá 445 pàdé ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, nígbà tí ẹni tó lo 0.5 á ní 466. Ọjà jẹ́ 540, méjèèjì ló sì kù sẹ́yìn.

Èwo la wá fẹ́ gbà nínú gbogbo wọn? Ibí yìí ni ìwọ̀n àṣìṣe ti wọlé, èyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì ń lò jù ni MAPE. Fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó wo iye tí àfojúdá fi yàtọ̀ sí ọjà, yálà ó fi lé ni tàbí ó fi dín. A ó pín in sí ọjà ọ̀sẹ̀ náà, kó lè di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà a ó mú ìpíndọ́gba gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fi 45 dín ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nígbà tí ọjà jẹ́ 450, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ keje jẹ́ 80 nínú 500, ìdá 16. Bí a bá ṣe é láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún dé ìkẹwàá, MAPE ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á jẹ́ 21. Ti álífà ìdajì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22. Ìwé ti dájọ́: ọ̀nà àkọ́kọ́ ló sàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ ò pọ̀.

Ẹ má tíì gbà. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án nìkan ló kó ìdá tó ju 50 wọlé sínú ìṣirò méjèèjì, ọ̀sẹ̀ kan tó sì wúwo tó báyẹn yẹ kí èèyàn bi í pé kí ló ṣe é. Ọmọ tó ń tajà ní dípò náà ni kí ẹ bi, kì í ṣe ìwé.

“Ọjà ò kú lọ́sẹ̀ yẹn rárá, Àlàájà,” ni yóò sọ. “Dísù ló tán nílé iṣẹ́ omi, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, àpò 310 péré ni wọ́n rí já fún wa. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ti tán. Láti Jímọ̀ dé Sọ́ńdè, ńṣe la ń dá àwọn èèyàn padà.”

Ó dáa bẹ́ẹ̀. 310 kì í ṣe iye tí àwọn oníbàárà fẹ́. Iye tó wà nílẹ̀ ni. Ìwé tí a ń lò kọ ohun tí a tà sílẹ̀, kò kọ ohun tí wọ́n béèrè, ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì lọ́sẹ̀ tí ọjà bá tán. Nínú gbogbo ohun tó ń ba àfojúdá jẹ́ nídìí òwò, mi ò mọ èyí tó wọ́pọ̀ tó báyìí, mi ò sì mọ èyí tí wọ́n ń fojú fò tó o. Ó tún burú ní ti pé ó ń bí ara rẹ̀: ọjà tán, ìwé kọ iye kékeré, àfojúdá wálẹ̀, Àlàájà gbé díẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ọjà tún tán. Bí ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá ti gbé 310 yẹn mì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ló máa fi wà nínú rẹ̀. Àfojúdá ọ̀sẹ̀ kẹwàá jẹ́ 450 nítorí rẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ wá ra 560.

Àtúnṣe wà, bí kò tilẹ̀ pé pérépéré. Ọjọ́ mẹ́rin, láti Mọ́ńdè dé Ọjọ́bọ̀, ni 310 fi tán. Bí ọjọ́ mẹ́ta tó kù bá máa tà bákan náà, ọ̀sẹ̀ náà ì bá ta nǹkan bí 540. A ó fi 540 rọ́pò 310 kí àfojúdá ọ̀sẹ̀ kẹwàá lè dúró lórí ohun tó sún mọ́ òótọ́. Àmọ́ mi ò ní ka ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án mọ́ MAPE, torí pé 540 yẹn, àwa la fojú dá a. Èèyàn ò lè fi àfojúdá wọn àfojúdá kó wá máa yọ̀ pé òun gbà á. Dípò tó bá fẹ́ ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ á máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ọjà tán sílẹ̀, á sì máa fa ìlà kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dá padà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ọ̀rọ̀ yí padà. MAPE ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bọ́ sí 12. Álífà ìdajì ò tó 10 mọ́. Ọ̀nà tí ìwé àkọ́kọ́ dá lẹ́bi ló wá borí, ó sì borí dáadáa. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo rẹ̀ nínú Excel: ọjà ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá wà láti B2 dé B11, àfojúdá wà ní C, àṣìṣe wà ní D. Ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí ni ẹ máa kọ sí C6 láti fi bẹ̀rẹ̀, èkejì sí C7 kí ẹ sì fà á wálẹ̀, ẹ̀kẹta sí D6 kí ẹ fa òun náà wálẹ̀. Ìkẹrin ni MAPE.

```
=AVERAGE(B2:B5)
=C6+0.5*(B6-C6)
=ABS(B6-C6)/B6
=AVERAGE(D6:D11)
```

Ẹ pa D10 rẹ́ kó ṣófo, torí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ló wà níbẹ̀. Excel ò ní kà á.

Kí ẹ tó máa yin álífà, ẹ jẹ́ ká fi í wé ọ̀nà tí ọ̀lẹ ń gbà: kó kàn sọ pé iye tí a tà lọ́sẹ̀ tó kọjá la máa tà lọ́sẹ̀ yìí. MAPE ọ̀nà ọ̀lẹ lórí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kan náà kò ju 7 àti díẹ̀ lọ. Ó lù wọ́n méjèèjì! Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọjà tó ń gòkè láìdúró máa ń ṣojú rere sí ẹni tí kò rántí ohunkóhun ju àná lọ, ìpíndọ́gba sì ń jìyà ìrántí rẹ̀. Ká ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni a wà títí, tí ọjà ń lọ sókè sódò láàárín 380 àti 420, ọ̀lẹ náà ni ì bá máa sáré kiri. Nítorí náà, ẹni tó bá mú MAPE kan wá pé ó dára, ẹ bi í léèrè mélòó ni ti ọ̀lẹ. Ìdá 10 lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá nídìí ọjà kan, kó sì jẹ́ ìtìjú nídìí òmíràn.

Ohun mìíràn wà tí MAPE ò lè sọ fún Àlàájà, nítorí pé ó ti sọ àmì nù. Ẹ padà wo álífà ìdajì: ó fi 30 dín, ó fi 35 dín, ó fi 67 dín, ó fi 74 dín, ó tún fi 38 dín ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Kò sí ìgbà kan tó fi lé. Àfojúdá tó dára á máa ṣi ọ̀nà sápá òsì, á ṣì í sápá ọ̀tún. Èyí tó ń ṣì í sápá kan ṣoṣo ń sọ pé nǹkan kan wà tí òun ò mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ níbí yìí ni pé ọjà ń gòkè. Ní 1957, Charles Holt, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Kánẹ́gì ní ìlú Písíbọ̀gì, kọ àtúnṣe kan tó ń gbé nọ́ńbà méjì dípò ẹyọ kan: ọ̀kan fún ibi tí ọjà dé, èkejì fún iye tó fi ń gòkè tàbí tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Àlàájà tí kò fẹ́ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lè máa kọ àṣìṣe rẹ̀ pẹ̀lú àmì. Bó bá rí ìyọkúrò tàbí àròpọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin léra wọn, kó tún un ṣe.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ jà jù wá nìyí. Ká ní àfojúdá jẹ́ 200, ọjà sì jẹ́ 100: àṣìṣe jẹ́ ìdá 100. Ẹ yí i padà, kí àfojúdá jẹ́ 100, kí ọjà jẹ́ 200: àṣìṣe di ìdá 50. Ọgọ́rùn-ún àpò kan náà ni, ṣùgbọ́n MAPE fi ìyà ìlọ́po méjì jẹ ẹni tó fojú dá púpọ̀. Ẹni tó bá sì fi dín, bó ti wù kó burú tó, kódà kó sọ pé òdo la máa tà, àṣìṣe rẹ̀ ò lè kọjá 100. Ti ẹni tó fi lé ò ní ààlà. Bí ọ̀gá bá ń fi MAPE nìkan san owó ìmóríyá, kò ní pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ á fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fojú dá kékeré, ọjà á sì máa tán láìsí ẹni tí ìwé dá lẹ́bi. Nídìí omi, níbi tí àpò kan tó ṣẹ́kù ti lè tà lọ́la àmọ́ tí oníbàárà tó ti ré kọjá lè má padà, ibi tó yẹ kí àṣìṣe forí lé gan-an ni MAPE ń lé èèyàn kúrò. Ọjà tí kì í tà lójoojúmọ́ tilẹ̀ burú jù, torí ọ̀sẹ̀ tí a ò bá ta ẹyọ kan, a ó máa fi òdo pín nǹkan, ìṣirò á sì dákú. Fún irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ ro gbogbo àṣìṣe pọ̀, kí ẹ pín in sí gbogbo ọjà lápapọ̀, dípò kí ẹ máa pín ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àlàájà wá fẹ́ mọ ti ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Álífà ìdajì bẹ̀rẹ̀ láti 522, ọjà jẹ́ 560, a fi ìdajì 38 kún un, ó di 541. A mọ̀ pé sísàlẹ̀ ló ti ń ṣì í, èyí tó sì fi ṣì í kẹ́yìn jẹ́ nǹkan bí 40. Èmi á ní kó gbé 580, kó sì bi ilé iṣẹ́ omi bóyá dísù wà.

Àárín oṣù Ẹrẹ́nà la wà báyìí o. Òjò ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ìṣirò yìí ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ òjò. Ọ̀sẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, 40 tí a ń fi kún un ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àfojúdá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi lé níbi tó ti ń fi dín, á sì máa ní kí Àlàájà kó àpò tí kò sẹ́ni tó máa rà á wọlé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, àyàfi bí ó bá ti ń ka àmì àṣìṣe rẹ̀.